Ìyókù 34, bááṣì méjì: bí rẹ́jísítà ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Kábà kò ṣe rí ọjọ́ ẹ̀sípáyà tó ń bọ̀

Nígbà tí oṣù kìíní ọdún 2025 parí, káàdì oògùn ibà àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ní Kábà sọ pé pákẹ́ẹ̀tì 34 ló kù. Wọ́n kà á lórí pẹpẹ, 34 náà ni wọ́n bá. Kò sí èyí tó sọnù, kò sí èyí tí wọ́n tà láìkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá wo ìwé náà á ní kò sí àléébù kankan. Bẹ́ẹ̀, 30 nínú 34 náà kò ní ju oṣù mẹ́ta lọ mọ́ kí ọjọ́ wọn tó tán, káàdì kò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lókè káàdì, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ ẹ̀sípáyà, 11/2025 ló wà níbẹ̀.

Irú rẹ́jísítà yìí ni mo ń bá káàkiri, láti Kábà dé Ìyàrà, títí dé apá Yàgbà. Wọ́n ń kọ ọjọ́ ẹ̀sípáyà, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ apòògùn tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí pé kó jẹ́ kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ ní kíkún. Ó gbà, bí mi ò bá ti dárúkọ òun tàbí ilé náà. Àǹtí ni èmi àti gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ yẹn náà ni màá lò.

Ohun tó wà lórí káàdì

Átímẹ́tà àti lumẹfántírìn ni oògùn náà, èyí tí hóró kan rẹ̀ ní mílígíráàmù 20 ti àkọ́kọ́ àti 120 ti ìkejì. Pákẹ́ẹ̀tì oníhóró 12 ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ tó wúwo láti kílò 15 dé 24 ló wà fún: hóró méjì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Oníhóró 6 wà fún àwọn tó kéré sí wọn, 18 àti 24 wà fún àwọn tó jù wọ́n lọ, káàdì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni Àǹtí ní fún ìkọ̀ọ̀kan. Apá yẹn dára.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni oògùn yìí wọlé láàárín oṣù mẹ́jọ. Ní 10 oṣù kẹfà 2024, pákẹ́ẹ̀tì 40 wọlé, ẹ̀sípáyà 11/2025. Ní 4 oṣù kẹsàn-án, 30 tún wọlé. Oníṣòwò kan tó ń kó oògùn bọ̀ láti ọ̀nà Lọ́kọ́ja ló gbé e dé. Ó gbà ₦750 lórí pákẹ́ẹ̀tì kan, dípò ₦1,000 tí wọ́n máa ń rà á. Ohun tó jẹ́ kó dín owó kò fara sin: ẹ̀sípáyà ti èyí jẹ́ 04/2025. Oògùn tó dé lẹ́yìn ni ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ tán.

Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó kọ ọjọ́, ó kọ 30 sábẹ́ «wọlé», ó fi lẹ́tà kékeré kọ 04/2025 sí etí ìlà náà, ó sì ro ìyókù pọ̀: 19 tó ṣẹ́ kù nínú ti àkọ́kọ́ àti 30 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó di 49. Ibi tí rẹ́jísítà ti fọ́jú gan-an nìyí. Láti ọjọ́ yẹn lọ, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń wá sílẹ̀ nínú káàdì, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè wo ìlà tó kẹ́yìn kó mọ èwo ló kù nínú méjèèjì. Tí a bá tà márùn-ún, ìyókù á di 44. Bááṣì ni à ń pe oògùn tí wọ́n ṣe pa pọ̀, tó ní nọ́ńbà àti ọjọ́ ẹ̀sípáyà kan náà. Nínú bááṣì wo ni márùn-ún náà ti jáde? Káàdì ò mọ̀.

Pẹpẹ nìkan ló mọ̀, ibẹ̀ la sì lọ. Àǹtí bi ọmọ náà pé, «Ọmọ mi, tí wọ́n bá ní kí o mú oníhóró méjìlá wá, èwo lo máa ń mú?»

Ó ní, «Èyí tó wà níwájú ni mà. Mo kó tuntun sẹ́yìn ti àtijọ́. Ẹ ti sọ ọ́ pé èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ jáde.»

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn lóòótọ́, ó sì ń pa á mọ́. Fún ìrẹsì àti ọṣẹ, ó tó. Ní ti oògùn, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ tán ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde, ìgbà yòówù kó dé. Lọ́pọ̀ ìgbà òfin méjèèjì máa ń bára mu, torí tuntun sábà máa ń ní ọjọ́ tó gùn ju ti àtijọ́ lọ. Ọjọ́ tí wọn kò bá bára mu, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura, ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn tí wọ́n dín owó rẹ̀ ló sábà máa ń gbé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wá.

Ohun mìíràn tún wà lórí pẹpẹ. Ìlẹ̀mọ́ owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pákẹ́ẹ̀tì bọ́ sórí ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà bááṣì àti ọjọ́ ẹ̀sípáyà sí gan-an. Kí ẹnikẹ́ni tó lè ka ọjọ́ náà, ó ní láti fi èékánná họ ìlẹ̀mọ́ kúrò. Ta ló máa ṣe ìyẹn nígbà tí ìyá ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná bá dúró sí iwájú káńtà? A yọ ọ́ lára gbogbo wọn, a sì kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: mẹ́rin ti 11/2025, 30 ti 04/2025. Kò sí ìkankan nínú bááṣì kejì tí wọ́n tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà tó ti dé.

Ṣé 30 yìí lè tán kó tó di ìparí oṣù kẹrin?

Tí wọ́n bá kọ oṣù àti ọdún nìkan sí ara oògùn, ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù náà ni ọjọ́ rẹ̀ tán. 04/2025 túmọ̀ sí pé ó dára títí di 30 oṣù kẹrin. Oṣù mẹ́ta péré ló wà níwájú wa.

Ìṣirò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé kí a ro iye tí a tà pọ̀, kí a fi iye oṣù pín in, kí a sì fi èyí tó bá jáde sọ ohun tí a máa tà. Àǹtí ṣe é lójú mi. Iye tí wọ́n tà lóṣooṣù nìyí:

| Oṣù | Pákẹ́ẹ̀tì |
|---|---|
| Kẹfà 2024 | 7 |
| Keje | 8 |
| Kẹjọ | 6 |
| Kẹsàn-án | 5 |
| Kẹwàá | 5 |
| Kọkànlá | 2 |
| Kejìlá | 2 |
| Kìíní 2025 | 1 |

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36. Tí a bá fi oṣù mẹ́jọ pín in, ó jẹ́ mẹ́rin àbọ̀ lóṣù. Oṣù mẹ́ta á wá jẹ́ 13, a ó ṣẹ́ 17 kù.

Ìṣirò yẹn tọ̀nà, àmọ́ ó ń tan ni jẹ. Ibà kì í jẹ́ bákan náà yíká ọdún lágbègbè wa. Òjò ló ń gbé ẹ̀fọn dé, òjò sì ti dá láti oṣù kọkànlá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ tábìlì: oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, márùn-ún péré ni wọ́n tà. Oṣù kejì àti oṣù kẹta tó wà níwájú ṣì jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù kẹrin ni òjò máa ń padà ní Kábà, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà a kọ méjì sí oṣù kejì, méjì sí ìkẹta, mẹ́rin sí ìkẹrin: mẹ́jọ lápapọ̀. Ìyẹn ni pé 22 ló máa ṣẹ́ kù, kì í ṣe 17. Ohun tí à ń wá ni iye pákẹ́ẹ̀tì tó yẹ ká ti wá ọ̀nà fún lónìí, ìyàtọ̀ márùn-ún sì lè mú kí ènìyàn sùn lé ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí a ó dúró títà náà kì í ṣe ọjọ́ tí oògùn tán. Aláìsàn ní láti lo hóró tó kẹ́yìn kí ọjọ́ náà tó kọjá. Ti ibà yìí rọrùn, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń lò ó, nítorí náà a fi 27 oṣù kẹrin ṣe òpin. Àmọ́ ẹ fi ojú inú wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oníhóró 30, tí wọ́n ń lo ẹyọ kan lóòjọ́. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa tán ní ìparí oṣù kẹrin kò yẹ kó kúrò lórí káńtà mọ́ lẹ́yìn 1 oṣù kẹrin. Bàbá tó bá sì ń ra ti oṣù mẹ́ta pa pọ̀ kó tó padà sí oko, ti 04/2025 kò yẹ kó kàn án láti ìparí oṣù kìíní.

Ibi tí wọ́n gbé wọn gbà

Àǹtí kọ́kọ́ pe oníṣòwò tó ta á. Ó kọ̀ láti gbà á padà, ó ní èyí tí òun bá ti dín owó rẹ̀ kì í padà sọ́dọ̀ òun mọ́. Wọn kò kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sórí rìsíìtì, ṣùgbọ́n wọn kò kọ òdìkejì rẹ̀ síbẹ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ló pe ilé ìwòsàn kan ní apá Ìjùmú tó ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń rí ọmọdé ju tiwa lọ. Wọ́n gba 12 ní iye owó tí Àǹtí rà á. A kọ ọjọ́, ilé tó gbà á, iye rẹ̀ àti nọ́ńbà bááṣì sí rẹ́jísítà, a sì kọ ọ́ sínú ìwé tó bá oògùn lọ. Ènìyàn lè rò pé àṣejù ni nọ́ńbà bááṣì yẹn. Tí NAFDAC bá kéde lọ́la pé kí wọ́n kó bááṣì kan padà, òun nìkan ló máa sọ fún wa ẹni tó yẹ ká pè.

Àwọn tó kù, a tọ́jú wọn síwájú pẹpẹ, a sì fi rọ́bà di mẹ́rin ti 11/2025 sẹ́yìn. Ohun kan tún wà tí àwọn tó mọ oògùn yìí máa ń lò: pákẹ́ẹ̀tì oníhóró 12 méjì jẹ́ 24, ìyẹn sì ni ìwọ̀n àgbàlagbà tó wúwo tó kílò 35 sókè. Hóró kan náà ni, agbára kan náà ló ní. Àgbàlagbà méjì tí àyẹ̀wò fi ibà hàn lára wọn gba méjì méjì lọ ní oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n ara pákẹ́ẹ̀tì ọmọdé sọ pé kí wọ́n lo hóró méjì lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà Àǹtí fagi lé e, ó kọ «MẸ́RIN láàárọ̀, MẸ́RIN lálẹ́» gàdàgbà sí i, ó sì ní kí wọ́n tún un sọ fún òun kí wọ́n tó lọ. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, kó má ṣe dá a láṣà, torí àgbàlagbà tó bá lo ìlàjì òṣùwọ̀n lè má yá, yóò sì rò pé oògùn ni kò dára. Èyí tí ń yòrò nínú omi, tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

A kò ta ìkankan fún ẹni tí àyẹ̀wò kò fi ibà hàn lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé nígbà tí ọjọ́ bá ń lọ tí owó ń ṣòfò, ọwọ́ máa ń yá láti ti oògùn lé ẹni tí orí ń fọ́ lásán. Àǹtí kò gbà fún ara rẹ̀, ìyẹn sì ná an lówó.

Bó ṣe parí nìyí: pákẹ́ẹ̀tì kan jáde ní oṣù kejì, méjì ní oṣù kẹta, mẹ́fà ní oṣù kẹrin, mẹ́rin ti àwọn àgbàlagbà sì wà nínú mẹ́fà náà. Mẹ́sàn-án la tà, 12 lọ sí Ìjùmú, mẹ́sàn-án ṣẹ́ kù. A kọ mẹ́sàn-án náà sí rẹ́jísítà pé «ẹ̀sípáyà, 9», ìyókù bááṣì náà di òdo, a kó wọn sínú páálí tí a kọ «A KÌ Í TÀ» sí lára, a sì gbé e kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń tajà pátápátá. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí Àǹtí fi kọ̀wé sí NAFDAC kí wọ́n lè pa á run bó ṣe tọ́. Wọn kì í dáná sun ún lẹ́yìnkùlé, wọn kì í sì í dà á sódò.

Ẹ wá wo owó rẹ̀. Ọgbọ̀n pákẹ́ẹ̀tì ní ₦750 jẹ́ ₦22,500. Ilé ìwòsàn dá ₦9,000 padà. Ó ku ₦13,500 lórí mẹ́sàn-án tí ṣọ́ọ̀bù tà. Ìyẹn ni pé ₦1,500 ni ìkọ̀ọ̀kan wọn ná an, nígbà tí èyí tí wọn kò dín owó rẹ̀ jẹ́ ₦1,000.

Rẹ́jísítà tí wọ́n ń lò báyìí

Ohun àkọ́kọ́ tí a yí padà ni pé ìyókù kò tún gbọ́dọ̀ pa bááṣì méjì pọ̀. Ojú ìwé kan náà ni oògùn kan ṣì ní, ṣùgbọ́n bááṣì kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀: nọ́ńbà bááṣì, ọjọ́ ẹ̀sípáyà, ẹni tí a rà á lọ́wọ́ rẹ̀, iye tó wọlé, iye tó jáde, ìyókù bááṣì náà nìkan. Tí bááṣì tuntun bá dé, wọ́n á fa ìlà, wọ́n á sì ṣí ìpín tuntun.

Ọmọ tó wà ní káńtà béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni tó ń tajà máa béèrè: ṣé gbogbo ìgbà tí òun bá ta pákẹ́ẹ̀tì kan lòun máa kọ bááṣì? Rárá. Tí a bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, yóò ṣe é dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó bá wá sí i lórí ní ọjọ́ ọjà. Oògùn tó tà, iye rẹ̀ àti owó rẹ̀ nìkan ló ń kọ sínú ìwé títà. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń ka pẹpẹ, bááṣì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iye tó wà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí a bá yọ iye tí wọ́n bá ní àárọ̀ yẹn kúrò nínú rẹ̀, ni iye tó jáde. Wọ́n á wá fi wé ìwé títà. Tí méjèèjì bá yàtọ̀, wọ́n á wá ìdí rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé náà, nígbà tí orí ẹnikẹ́ni kò tíì gbàgbé.

Èkejì ni ìwé oṣù, èyí tó sì wù mí jù nìyí. Ìwé ìkọ̀wé lásán ni, ojú ìwé kan fún oṣù kan: oṣù karùn-ún 2025, oṣù kẹfà, títí lọ sí ìparí 2027. Nígbà tí oògùn bá wọlé, kí wọ́n tó gbé e sórí pẹpẹ, wọ́n á ṣí ojú ìwé oṣù tí ọjọ́ rẹ̀ máa tán, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀, bááṣì àti iye rẹ̀ síbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, Àǹtí á ka ojú ìwé mẹ́fà tó wà níwájú, á sì béèrè lórí oògùn kọ̀ọ̀kan bóyá yóò tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó tán, pẹ̀lú iye tí wọ́n tà ní irú àkókò yẹn lọ́dún tó kọjá.

Mo bi í pé, ká ní ìwé oṣù wà ní 4 oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ta bááṣì kejì lọ́jọ́ náà, ṣé ìkankan ò ní ṣòfò? A ṣírò rẹ̀ pa pọ̀. Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kìíní jẹ́ 15, oṣù kejì sí oṣù kẹrin jẹ́ mẹ́sàn-án. Mẹ́rìnlélógún lápapọ̀. Mẹ́fà ì bá ṣì ṣẹ́ kù. Àǹtí dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, «Nígbà náà, ọjọ́ tí mo rà á gan-an ló ti pọ̀ jù.» Bẹ́ẹ̀ ni. Títò pẹpẹ dáadáa kò lè gba oògùn tí a rà ju bó ṣe yẹ lọ sílẹ̀. Ogún ni ì bá tó.

Ẹ̀kẹta kéré, ó sì ṣe pàtàkì fún oògùn onípáálí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gé tà, irú bíi parasitamọ́ọ̀lù. Ìpẹ̀kun kan lára páálí náà ni wọ́n tẹ bááṣì àti ọjọ́ sí. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e láti ibẹ̀, èyí tó kù kò ní ọjọ́ kankan lára mọ́. Ìpẹ̀kun kejì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ìlẹ̀mọ́ owó náà ti kúrò lórí ọjọ́, ẹ̀yìn pákẹ́ẹ̀tì ló wà.

Ohun kan wà tí rẹ́jísítà kankan kò lè rí. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára oògùn ń sọ nípa oògùn tí a kò tíì ṣí, tí a sì tọ́jú bí ara rẹ̀ ṣe sọ. Èyí tí à ń sọ yìí kò fẹ́ ju ìwọ̀n ooru 30 lọ, oṣù kejì àti oṣù kẹta ní Kábà sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ lábẹ́ páànù. Àǹtí ti ra tẹmómítà kan sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, wọ́n ń kọ ohun tó bá sọ ní ọ̀sán. Oògùn olómi àwọn ọmọdé bíi amọ́ksísílìnì náà, ní kété tí wọ́n bá ti po omi mọ́ ọn, ọjọ́ ara ìgò rẹ̀ kò wúlò mọ́. Iye ọjọ́ tí ìwé inú rẹ̀ bá sọ ni, èyí tí kì í ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ, wọ́n sì ní láti kọ ọ́ sára ìgò kó tó kúrò lórí káńtà.

Ní oṣù kẹfà 2025, Àǹtí tún fẹ́ ra oníhóró 12. Ó ṣí tábìlì ọdún tó kọjá: oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá, 31. Mẹ́rin ti 11/2025 ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí oníṣòwò náà pè é, kó tó béèrè iye owó, ó béèrè ọjọ́ ẹ̀sípáyà. Ó ra 27, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 10/2026, ó sì kọ ọ́ sójú ìwé oṣù kẹwàá 2026 kó tó jẹ́ kí ọmọ káńtà gbé wọn sórí pẹpẹ, lẹ́yìn mẹ́rin tó ti wà níbẹ̀.